Èèpo Àgbọn Tó Fẹ́ Sọ Mí Di Ọlọ́jà Ńlá

Ẹnu mi ni mo fi ń jẹun, ẹnu mi náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ mí. Àgbọn ni mò ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Gbaji, lójú ọ̀nà tó lọ sí Seme. Gbogbo àwa alágbọn la mọ ọgbọ́n kan: a máa ń ki èèpo àgbọn sínú àpò, a ó to àgbọn gidi díẹ̀ lé e lórí, a ó sì gbé e ti ògiri níta. A kì í tà á, ọ̀ṣọ́ ni. Inú ṣọ́ọ̀bù ni ojúlówó wà. Oníbàárà kì í yà síbi tí ọjà bá ti ṣẹ́ kù díẹ̀. Àpò ọ̀ṣọ́ àwọn yòókù kì í ju méjì mẹ́ta lọ. Tèmi gba ògiri tán, ó kan abẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù.

Páànù yẹn gan-an ni ìṣòro mi. Ó ń jò, àgbọn tí òjò bá sì ti ń pa lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ hù mọ́ni lọ́wọ́. Mo ti kó owó páànù tuntun jọ, káfíńtà ni mò ń retí.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, oníbàárà ńlá kan láti Morogbo jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. Mo ń rò fún un bí ọjà mi ṣe ń yá tó, pé gbogbo àpò tó ń wò yẹn, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n á ti tán, òmíràn á ti dé. Obìnrin kan dúró lẹ́yìn wa, ó ń gbọ́. Mo rò pé òun náà fẹ́ rajà, mo bá tún fi iyọ̀ sí i.

Àfi bó ṣe ní òṣìṣẹ́ owó orí lòun. Ọmọ Èkìtì ni, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tutù. Ó béèrè ìwé ìṣirò ọjà mi. Mo ní orí mi ni ìwé mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní orí wa pọ̀ lójú ọ̀nà yìí; bí ìjọba bá ní kí wọ́n máa tú orí kọ̀ọ̀kan wò láti mọ èrè inú rẹ̀, owó tí wọ́n máa ná á ju èyí tí wọ́n máa gbà lọ. Nítorí náà, ẹni tí kò bá ní ìwé, ohun tó ń tà lọ́dún ni wọ́n ń fojú díwọ̀n.

Mo bi í pé, “Àǹtí, kí ló dé tí ẹ ò fi ìdíwọ̀n yín sórí èrè?”

“Ẹ̀gbọ́n, inú ẹni ni èrè ń gbé. Ọjà tó ń wọlé tó ń jáde, gbogbo ojú ló ń rí i. Ká sọ pé ẹ pàdánù lọ́dún yìí, ìdíwọ̀n ò mọ̀. Àléébù rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n wo èrè òun gan-an, kó máa kọ ìwé.”

Ó ka àpò ara ògiri, ó fi bí mo ṣe ní wọ́n ń tán lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Irọ́ mi méjì gun ara wọn, wọ́n bímọ. Ìpele àwọn ọlọ́jà ńlá ló fẹ́ fi mí sí. Nígbà tó dárúkọ iye owó orí ibẹ̀, mo gbójú sókè. Owó páànù mi ni, kò sì ku nǹkan kan.

Mo bẹ oníbàárà mi pé kó lọ mu omi tútù lọ́dọ̀ àwọn ará iwájú. Ó ní òùngbẹ ò gbẹ òun. Mo fa àǹtí sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé àpò ọ̀hún ò rí bó ṣe rí. Ó ní òun ò lè kọ wúyẹ́wúyẹ́ sílẹ̀, kí n jẹ́ kí òun fojú rí i.

Mo wo páànù, mo wo oníbàárà. Mo mú ọ̀bẹ, mo la àpò àkọ́kọ́. Àgbọn díẹ̀ yí sílẹ̀, èèpo sì tú bo bàtà mi. Mo la èkejì. Ìyá Ègùn tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó máa ń ra èèpo lọ́wọ́ mi láti fi dáná, fi abẹ̀bẹ̀ bo ẹnu.

Ó ní, “Ẹ má là á tán o, ẹ ṣẹ́ tèmi kù. Ẹ sì bá mi wí fún àǹtí pé mo máa ń san owó èèpo.”

Àǹtí kọ ìyẹn náà sílẹ̀: ohun tí a bá tà ni ohun tí a tà. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó wo ojúlówó tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó béèrè bó ṣe ń tà. Lọ́tẹ̀ yìí mo sọ òtítọ́, ó sì dùn mí ju owó lọ. Ó sọ̀ mí kalẹ̀ sí ìpele àwọn ọlọ́jà kéékèèké. Oníbàárà mi dìde, ó gbọn èèpo kúrò lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò, ó ní ẹni tí òun bọ̀wọ̀ fún látàárọ̀ kò sí nílé mọ́, kí n wá dín owó.

Mo dín in. Káfíńtà dé lọ́sẹ̀ kejì. Nísinsìnyí tí òjò bá ń rọ̀, abẹ́ páànù mi gbẹ táútáú, èmi àti ìwé ìṣirò mi jọ jókòó. Àpò ọ̀ṣọ́ kan ṣoṣo ló kù níta. Tí ẹnikẹ́ni bá béèrè bí ọjà ṣe ń yá, mo máa ń kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn.