Mémò Mọ́mì lórí Ìbàdí Ìyàwó Wa

Wọ́n ní tí egungun ìbàdí aboyún bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó lóṣù karùn-ún, ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn. Wọ́n ní bó bá gbé ẹsẹ̀ sókè báyìí, ọmọ lè yọ̀ bọ́. Ọjà Agboju ni ọ̀rọ̀ náà ti gbéra. Nígbà tó fi dé Festac, ó ti ṣẹlẹ̀ sí obìnrin kan ní Satellite Town, lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tó fi wọ ilé wa, obìnrin náà ti di ìyá ìbejì.

Mọ́mì mi gbà á gbọ́. Ẹ mọ̀ pé ọdún márùndínlógójì ni Mọ́mì fi ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Obìnrin tí kì í gba ohunkóhun gbọ́ tí kò bá ní òǹtẹ̀ lára, èyí ló gbà láì béèrè ìwé. Kò yé mi nígbà náà.

Inúmidùn, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi Adébánjí, ni ọ̀rọ̀ náà bá. Onídìrí ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Agboju, oyún rẹ̀ sì ti lé díẹ̀ lóṣù márùn-ún. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń ro ó. Nígbà tó yá, ìrora náà yí wá síwájú, sí egungun tó wà lókè abẹ́. Tó bá fẹ́ yíra padà lórí ibùsùn, tàbí tó bá ń gun àtẹ̀gùn lọ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa, á dà bíi pé wọ́n ń fi ọ̀bẹ là á níbẹ̀. Ó wá ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ. Èmi náà, tí n kò ní ìtìjú, mo ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, mò ń ké "kúwáà, kúwáà."

"Adúmáradán," ló máa ń pè mí, nítorí ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, "ìwọ náà á lóyún lọ́jọ́ kan. Màá ra fèrè sílẹ̀ dè ọ́."

Ní ọjọ́ Ajé kan, a jí bá mémò lára fíríìjì. Bí Mọ́mì ṣe ń ṣàkóso ilé nìyẹn. Ó kọ ọ́ báyìí: "Ọ̀RỌ̀: ÌSINMI Ọ̀RANYÀN. Láti òní lọ, ìyàwó yóò máa dùbúlẹ̀ títí di ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ mi. Kí gbogbo ẹni tó kàn ṣe bẹ́ẹ̀." Ó fọwọ́ sí i, ó kọ déètì.

Oṣù mẹ́rin gbáko! Ọmọbìnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó àwọn oníbàárà rẹ̀ jọ, ṣé tí ṣọ́ọ̀bù bá tì fún oṣù mẹ́rin, wọ́n á ṣì máa dúró dè é? Mo kọ mémò tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Mọ́mì: "A rí ìwé yín gbà. Ta ni yóò máa fọ abọ́?" Mọ́mì fi bírò pupa kọ orúkọ mi sí i.

Inúmidùn dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kàkà kó sàn, ara rẹ̀ wá le gan-in bíi pákó. Ní ọ̀sán ọjọ́rú, mo gbé oúnjẹ wọlé, mo bá a tó dojú kọ ògiri.

"Adúmáradán, mo ń gbọ́ tó ń ró kó nígbà tí mo bá yíra. Ṣé ó ti ṣí lóòótọ́?"

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. N kò mọ̀ pé ẹ̀rù ló ti ń bà á látọjọ́ yìí.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ìtọ́jú aboyún ní ilé ìwòsàn àdúgbò wa ní Amúwò. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lọ. Mọ́mì di agbòòrùn mú bíi ọlọ́pàá. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó gbà wá, Tàwàkálítù, ọmọ onílẹ̀ Amúwò ni, kì í sáré sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ yẹ ìtọ̀ wò. Ó béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ń jáde, bóyá ibà wà, bóyá ikùn ń le lẹ́sẹẹsẹ, bóyá ẹsẹ̀ ń kú tipiri. Rárá ni ìdáhùn sí gbogbo rẹ̀. Ó fetí sí ọkàn ọmọ; ó ń lù kìkìkìkì.

"Tí o bá rí ọ̀kan nínú ohun tí mo kà yẹn, má dúró de ọjọ́ ìtọ́jú o, máa bọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àmọ́ èyí tó ń ṣe ọ́, ara ló ń múra sílẹ̀ fún ìbímọ. Àwọn iṣan tó so egungun ìbàdí pọ̀ ń dẹ̀, ikùn sì ń fa ẹ̀yìn síwájú. Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Onídìrí ni mí, mà."

"Ibo ni oníbàárà ń jókòó sí?"

"Sílẹ̀, mà. Láàárín itan mi."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀. "Láti àárọ̀ dalẹ́? Orúnkún ọ̀tún lọ sí Badagry, tòsì lọ sí Òṣòdì?"

Inúmidùn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi bà jẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i bẹ́ẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń dirun nìyẹn, bí ìyá tèmi náà ṣe di tèmi nìyẹn.

"Yíya itan bẹ́ẹ̀ ń fa oríkèé tó ti dẹ̀ tẹ́lẹ̀. Jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, kí oníbàárà jókòó sórí àpótí níwájú rẹ, kí orúnkún rẹ sún mọ́ra. Dìde rìn díẹ̀ kó tó rẹ̀ ọ́. Tó o bá fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́, fi ìdí jókòó ná, kí o wá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pọ̀. Jókòó wọ ṣòkòtò. Fi ẹ̀gbẹ́ sùn, kí o fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún. Tó o bá fẹ́ yíra, pa orúnkún pọ̀, kí o yí gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan."

"Ìsinmi ńkọ́?" Mọ́mì bi í.

"Kó sinmi, Mà, àmọ́ kó má sùn sílẹ̀ tọ̀sán tòru. Ara tí kò bá mira máa ń le ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa ní ìborùn yín."

Nọ́ọ̀sì ká ìborùn náà fẹ̀, ó dì í nísàlẹ̀ ikùn, yí egungun ìbàdí ká, kò jẹ́ kó fún ikùn pa. Inúmidùn rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó rìn padà. "Ó fúyẹ́ díẹ̀, mà."

Ibẹ̀ ni Mọ́mì ti jókòó pẹ̀lẹ́. "Nígbà tí mo lóyún Adébánjí, ó ṣe èmi náà báyìí. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi ní ọ́fíìsì. Oṣù mẹ́ta ni n kò fi yíra lórí ibùsùn. Mo rò pé tí mo bá yíra, màá pa á."

Nọ́ọ̀sì di Mọ́mì lọ́wọ́ mú. Nígbà tó yá, Mọ́mì nu ojú, ó ní, "Ẹ bá mi kọ gbogbo rẹ̀ sínú káàdì. Kí ẹ sì lu òǹtẹ̀."

Ọjọ́ kejì, mémò tuntun wà lára fíríìjì: "A fagi lé ti tẹ́lẹ̀." Kọ́kọ́rọ́ wà lórí rẹ̀. Bukky, ìyẹn èmi, ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé yóò máa gbé omi gun àtẹ̀gùn.

Ìrora náà kò lọ pátá. Ọjọ́ mìíràn, á jókòó sinmi, a ó fi aṣọ tí a rì sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i lẹ́yìn. Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù ṣí. Oníbàárà kan jókòó sórí àpótí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn obìnrin Satellite Town. Inúmidùn ò dá ìdirun dúró. Ó kàn tún sọ ohun tí Nọ́ọ̀sì fi kún un lọ́jọ́ tí a lọ sí ilé ìwòsàn: ẹnu ilé ọmọ, tó pa dé, ló ń di ọmọ mú sínú, kì í ṣe egungun ìbàdí.