Àwọn Tí Kò Wá sí Ìdánwò Inú Lábù

Ẹni tí ó ṣẹ̀ mí ni olórí ẹ̀ka wa ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsinmi Kérésìmesì ni, ní kété tí a gbàdúrà ìpàdé tán. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fọ ìgò, kí n sì máa to irinṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní lábù.

Olórí ẹ̀ka gbé ìjábọ̀ èsì ìdánwò sára ògiri kí gbogbo wa lè rí i. Àtẹ náà to ọdún mẹ́ta tẹ̀ léra: iye akẹ́kọ̀ọ́, iye àwọn tó yege, àti ìdá wọn nínú ọgọ́rùn-ún. Lábẹ́ rẹ̀, ìlà pupa kan lọ gbọọrọ fún ọdún méjì, ó sì já wálẹ̀ ní ọdún kẹta, níbi ìdánwò inú lábù. Ó ka àbá tó kẹ́yìn: kí wọ́n gbé òṣìṣẹ́ lábù kúrò nítorí àìbìkítà.

Ẹnì kan sọ lẹ́yìn pé, "Bàbá, géètì ń dúró dè yín o." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò bínú. Mo kàn ń wo ọwọ́ mi.

Lẹ́yìn ìpàdé, olùkọ́bìnrin kan, ọmọ Kogí, wá bá mi.

"Bàbá, ṣé ẹ rántí ọjọ́ ìdánwò yẹn?"

"Ọjọ́ kọ́fíù ni, tí ìjọba ní kónílé-ó-gbélé."

Àwọn ọmọ tó ń gbé Gonin Gora, lódìkejì odò, kò lè sọdá afárá wá lọ́jọ́ náà.

Olùkọ́ náà ní, "Òdo ni wọ́n kọ fún wọn. Ẹni tí kò wá àti ẹni tó fìdí rẹmi ti di ọ̀kan náà nínú àtẹ. Tí a bá fi àwọn tó jókòó ṣe ìdánwò nìkan ṣírò, ìlà yìí kò ní já."

Àwa méjèèjì lọ bá olórí ẹ̀ka, olùkọ́ náà sì ṣàlàyé fún un. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe."

Kò gbójú sókè. "Bàbá, òótọ́ ni Àǹtí ń sọ. Ṣùgbọ́n ìjábọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá àgbà. Tí mo bá ní àṣìṣe wà níbẹ̀, èmi ni wọn yóò bi. Sai haƙuri, ẹ ní sùúrù."

Wọ́n gbé mi lọ sí géètì láti máa ṣọ́nà. Mo ń ṣílẹ̀kùn fún ọkọ̀ rẹ̀ láràárọ̀. Ó ń kí mi, mo ń dáhùn.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sí kọ́fíù, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sì wá. Ìlà pupa náà gòkè padà. Olùkọ́bìnrin yẹn ló ka ìjábọ̀ tuntun fún mi. Olórí ẹ̀ka kọ ọ́ síbẹ̀ pé èsì dára sí i nítorí pé wọ́n yí òṣìṣẹ́ lábù padà.

Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, mi ò ní kí ẹ bá mi sunkún. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ olórí ẹ̀ka àti tèmi wò, kí ẹ sì dá ẹjọ́ náà bí ẹ ti rí i.