Òdo Mẹ́rìndínlógójì Tamara

Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí Tíṣà Inúmidùn yọ orúkọ àwọn tí wíwá wọn kò pé ìdá márùndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, torí wọn kò ní ṣe ìdánwò. Tíṣà ṣí sikirinṣọ́ọ̀tì rẹ́jísítà lórí fóònù. Ìgbà ọgọ́fà ni wọ́n pe orúkọ, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Tamara jẹ́ ìpè nígbà mẹ́rìnlélọ́gọ́rin; òdo ni wọ́n kọ sí ìyókù. Ó pín in: ìdá àádọ́rin.

“Ọ̀lẹ ọmọ!” Ó fi pupa sàmì sí i.

Àfi bí ojú rẹ̀ ṣe tún bọ́ sórí àwọn òdo náà. Àárọ̀ ni gbogbo wọn. Kò sí ẹyọ kan lọ́sàn-án. Ọmọ yìí kò pa ọjọ́ kan jẹ. Ó kàn ń bá ìyá rẹ̀ yan ẹja ní Marine Beach kó tó wá ni, Tíṣà kì í sì í dúró de ẹni tó bá pẹ́ tó bá ń pe orúkọ.

Ní gbogbo àárọ̀ tí Tíṣà ń kọ òdo wọ̀nyẹn, Tamara wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: “Ẹ káàárọ̀, mà.”