Ohun Tó Wà Lábẹ́ Léèsì

Iṣẹ́ mi l'Ẹ́dẹ ni kí n máa kọ bí aṣọ tọkọtaya ṣe rí fún kọ̀ǹpútà, kó fi ya àwòrán ìgbéyàwó wọn. Ní ọjọ́ kan, mo kọ "gèlè" lásán, ló bá wé láwàní fún ìyàwó. Mo tún un kọ: aṣọ òkè tó le, tí wọ́n ṣẹ́ léra níwájú, tó fẹ̀ sókè bí abẹ̀bẹ̀. Mo ní kó ká apá agbádá ọkọ lé èjìká, kí bùbá hàn. Ó ṣe é dáadáa. Mo bá pe ìyá ìyàwó, tí wọ́n jẹ́ aránṣọ, kí wọ́n wá wò ó.

Wọ́n wò ó títí. "O ti tú ọmọ mi síhòòhò."

Òótọ́ ni. Mo ti kọ ọ́ pé léèsì tí ìyàwó wọ̀ ní ihò kéékèèké, awọ ara ọmọ sì ń hàn níbẹ̀.

"Mo rò pé kọ̀ǹpútà mọ̀ pé wọ́n máa ń rán láínì sábẹ́ rẹ̀ ni, mà."

"Ta ló sọ fún un?"

Inú bí mi, torí èmi ni mi ò sọ ọ́. Mo fi láínì aláwọ̀ kan náà kún un, ara ọmọ sì bò.

Látìgbà náà, tí tọkọtaya bá gbé aṣọ wá, inú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń yí síta wò.