Orúkọ Tó Wà Lórí Ìdérí

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni Folúkẹ́ ṣí ínkúbétọ̀, àpótí olóoru tí wọ́n fi ń sin kòkòrò àìfojúrí nílé ẹ̀kọ́ wọn ní Mówé. Aago méjìlá ọ̀sán ọ̀la ni ìdánwò. Púléètì, àwo pẹlẹbẹ tó ní ìdérí tí wọ́n ń gbin kòkòrò sí, tí irú kòkòrò kan ṣoṣo bá wà nínú rẹ̀ ni wọ́n máa gbà. Ẹni tí tiẹ̀ bá dàpọ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ilé ìwòsàn kan ní Ifọ̀ sì ń dúró de ẹnì kan péré tó bá yege.

Púléètì tó ní orúkọ Folúkẹ́ ti bàjẹ́. Láàárín àwọn kóró roboto aláwọ̀ wúrà tó gbìn, nǹkan funfun gbígbẹ méjì tẹ́ pẹrẹsẹ síbi tí lúùpù, wáyà tí wọ́n fi ń fa ìlà kòkòrò sínú púléètì, ò kọjá rárá. Ohun tó bá bá lúùpù wọlé, ojú ìlà ló máa ń hù sí. Èyí tó hù níta ìlà, afẹ́fẹ́ ló gbé e wá. Ẹnì kan ti ṣí i nìyẹn.

Ta ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe Ikram? Tábìlì kan náà ni wọ́n ń lò, iṣẹ́ Ifọ̀ kan náà ni wọ́n ń wá. Ó yọ púléètì Ikram wò, ó mọ́ tónítóní. Àṣé Ikram ti pààrọ̀ ìdérí! Orí ìdérí làwọn méjèèjì kọ orúkọ sí, bẹ́ẹ̀ ẹnu olùkọ́ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó pé ìdí púléètì ni kí wọ́n máa kọ ọ́ sí. Inú bí Folúkẹ́ gan-an. Ó pààrọ̀ ìdérí méjèèjì padà, ó ní ohun òun ti dọ́wọ́ òun.

Ìbá gba ilé lọ, àmọ́ ó tún gbé èyí tó mọ́ sí ìmọ́lẹ̀. Ọwọ́ òsì ni Folúkẹ́ ń lò. Apá òsì ni ìlà rẹ̀ máa ń yí sí. Ìlà inú èyí yí sí ọ̀tún. Ti èyí tó bàjẹ́ ló yí sí òsì.

Ó rántí àná: ó ṣí ìdérí kúrò pátápátá, ó gbé e sórí tábìlì, ó ń fi mákà kọ orúkọ aláràbarà sí i, púléètì ṣí sílẹ̀ gbayawu lábẹ́ fáànù, nínú eruku ọyẹ́. Kò sẹ́ni tó ṣe é. Òun náà ni.

Ó ń dá ìdérí padà lọ́wọ́ ni Ikram wọlé.

"Kí lo ń fi ìdérí mi ṣe?"

Folúkẹ́ sọ gbogbo ẹ̀, kò fi ohunkóhun pamọ́. Ojú ń tì í. Ikram tan àtùpà sípírítì, ó sì gbé púléètì tuntun síwájú Folúkẹ́.

Ìdí ni Folúkẹ́ kọ orúkọ sí lọ́tẹ̀ yìí. Ó fi lúùpù síná títí ó fi pọ́n, ó jẹ́ kó tutù, ó fi kan kóró wúrà kan tó dá wà, tó jìnnà sí funfun yẹn. Ó gbé ìdérí díẹ̀ lẹ́bàá iná, ó fa ìlà, ó tún sun lúùpù, ó tún fà, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ó dojú púléètì dé, ó tì í bọ inú ooru. Kò tó wákàtí méjìdínlógún mọ́ tó kù sí ìdánwò, àfi kó hù.

"Ká ní mo tètè rí i láàárọ̀ ni," Folúkẹ́ ní.

"Mo rí i láàárọ̀," Ikram dáhùn. "Mo fẹ́ pè ọ́. Mo wá ní, ṣé o ò ní sọ pé èmi ló ṣe é?"