Lẹ́tà Opó Tó Wà Nínú Tákàbá

Mo ti ka lẹ́tà púpọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n ẹnu ṣì ń yà mí sí ti opó Ìsàlẹ̀ Èkó yẹn. Mò ń tẹ táìpù nígbà náà fún ọ̀gá mi, òṣìṣẹ́ báńkì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn lórí owó ní yàrá kan nítòsí Tinúbú. Akọ̀wé kan ló bá obìnrin náà kọ ọ́, obìnrin náà sì tẹ àtàǹpàkò sísàlẹ̀.

“Ọkọ mi kú sẹ́nu iṣẹ́ ní èbúté, mo ṣì wà nínú tákàbá rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ san owó gbà-má-bínú sí kóòtù, kóòtù sì ní igba pọ́n-ùn ni ìpín èmi àti àwọn ọmọ mi. Owó náà wà nílé lọ́dọ̀ mi. Ọmọ mẹ́ta ń lọ síléèwé. Mo fẹ́ yọ díẹ̀ kí n fi máa ra mílíìkì àti ṣúgà tà ní Òkè Àrin. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí n kó o wá kí òun fi ṣòwò. Báńkì tí ìyá mi fowó sí ti wó. Èlé orí owó, ẹ̀sìn mi kọ̀ ọ́. Ara mi gan-an ni mo bẹ̀rù jù, torí bí ènìyàn bá sunkún níwájú mi, n kì í lè di owó mú. Kí ni kí n ṣe?”

Ẹni tí ò kàwé ló ro gbogbo èyí! Ojú tì mí fún gbogbo gírámà tí mo ti ń tẹ̀.

Ọ̀gá mi fèsì: “Ẹ má fi owó yìí lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, títí kan èmi. Ẹ wá fúnra yín lọ́la, kẹ́ ẹ ṣí ìwé ìfowópamọ́ ní pọ́sọ́fíìsì, lọ́wọ́ ìjọba. Díẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ra ọjà. Ọ̀rọ̀ èlé, ẹ bi lèmọ́mù yín.”

Inú bí mi. “Lọ́la kẹ̀? Sà, obìnrin yìí wà nínú tákàbá! Wọ́n ò ní jẹ́ kó jáde nílé kí ọjọ́ ọ̀fọ̀ rẹ̀ tó pé.”

Onígbàgbọ́ ará Ìjẹ̀ṣà ni ọ̀gá mi, kò mọ ohun tí tákàbá jẹ́. Ó ní, “Obìnrin ni ẹ́, ìwọ lọ bá a. Kó dúró dìgbà tó bá jáde. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá a gbé owó náà.”

Mo ń rò ó bí mo ṣe ń lọ. Àwọn àna rẹ̀ á ti ná owó yẹn tán kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Mo bá a lórí ẹní, obìnrin kékeré tí mo fi ọdún púpọ̀ jù lọ. Mo ka èsì náà fún un, ó sì rẹ́rìn-ín.

“Ẹni mẹ́ta ni mo kọ irú lẹ́tà yẹn sí. Àwọn méjì ní kí n fi owó ránṣẹ́, àwọn á bá mi tọ́jú ẹ̀. Ọ̀gá yín nìkan ló ní kí n má fún òun.”

“Ó dáa, ṣùgbọ́n ewu ni kí owó yẹn wà nínú ilé yìí.”

“Owó wo? Mo kàn fi ìyẹn dán yín wò ni; ó ṣì wà ní kóòtù. Mo ti ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n bá mi dì í mú. Bí mo bá jáde, èmi àti ọ̀gá yín la jọ máa lọ gbà á.”

Èmi tí mo dàgbà jù ú lọ, mo kúnlẹ̀ kí i kí n tó jáde.