Káádì Oníhò Tíṣà Lájídé

Ní ọdún 1954, kò sí ẹni tó lè máàkì bébà Gẹ̀ẹ́sì kíákíá bíi Joseph Lájídé ní gbogbo Kábbà, títí dé Ìjùmú, títí kan Yàgbà. Gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti ogójì bébà kalẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà, yóò máàkì ogójì tán kí ẹ̀kọ tó lọ́ wọ́rọ́.

Káádì kan ni àṣírí rẹ̀. Bébà àlàfo ni wọ́n máa ń fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama: gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì mẹ́wàá, àlàfo mẹ́wàá, kí ọmọ kọ ọ̀rọ̀ ìṣe tó yẹ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lájídé á mú páálí bàtà, á fi abẹ gé ihò mẹ́wàá sí i ní ibi tí àlàfo wà, á kọ ìdáhùn tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, á gbé e lé bébà. Ohun tí ọmọ kọ nìkan ló ń yọjú láti inú ihò. Ó bá ti ẹ̀gbẹ́ mu, máàkì. Kò bá a mu, yínkì pupa.

Òfin rẹ̀ náà kò gùn. Lẹ́nu tiwa, “mo ti rí i lánàá” kò ní àléébù kankan, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi ń kọ “I have seen him yesterday”, tí Gẹ̀ẹ́sì kò gbà. Lájídé lé àṣìṣe yìí wọgbó. “Bí ẹ bá rí yesterday, bí ẹ bá rí ago, bí ẹ bá rí ọdún tó ti kọjá, Simple Past! Bí ẹ bá rí just, already, since, for, Present Perfect!” Kíláàsì rẹ̀ ń kọ ọ́ lórin tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ tó ń lọ sóko mọ̀ ọ́n lórí.

Gbogbo rẹ̀ dùn títí Andrew Ọlọ́runlékè, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tuntun, fi dé láti Ìbàdàn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Kò lọ́pàá, kò lórin. Ìtàn ló máa ń kọ, á yọ ọ̀rọ̀ ìṣe kúrò níbẹ̀, á wá bi àwọn ọmọ pé, “Ọ̀rọ̀ yìí, ṣé ilẹ̀kùn rẹ̀ ti tì ni, àbí ó ṣì ṣí sílẹ̀ dòní?” Àwọn ọmọ á máa jà lórí ìdáhùn títí aago á fi lù, wọn kò sì ní fẹ́ jáde. Lájídé, tó ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti kíláàsì kejì, á máa ṣẹ́ ẹfun sí wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń kọ́ni níbẹ̀. Kò sí ọmọ tó tíì dúró dè é lẹ́yìn aago rí.

Wàyí o, Pírínsípà fẹ́ yan olórí Gẹ̀ẹ́sì kí aláyẹ̀wò tó dé láti Kàdúná. Ìṣirò ni tirẹ̀, kò fẹ́ dá ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí oníkálukú ṣe bébà fún kíláàsì tirẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láti máàkì, kí wọ́n kó o wá láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Lájídé jókòó sí ìloro pẹ̀lú bébà mẹ́rìndínlógójì ti kíláàsì Andrew. Kò lè ka ìtàn náà dé òpin. Bó bá ti fẹ́ kà á, ẹ̀rín àwọn ọmọ yẹn ló ń gbọ́. Ó kàn wá ọ̀rọ̀ atọ́nà, bíi *for* tàbí *ago*, tó sún mọ́ àlàfo kọ̀ọ̀kan, ó gé ihò, ó kọ ìdáhùn, ó bẹ̀rẹ̀. Ní ihò kìíní, ọgbọ̀n ọmọ ló gba yínkì pupa.

“Màmá Délé!” Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. “Wá wo iṣẹ́ ọmọ Ìbàdàn! *For sixty years* wà níbẹ̀ gbọnmọgbọnmọ, ọgbọ̀n ọmọ kọ Simple Past! Ó ti bà wọ́n jẹ́!”

Martha ìyàwó rẹ̀ dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìwé mẹ́fà ló kà, ṣùgbọ́n kì í fi ojú fo ìlà. Ó ṣí káádì kúrò, ó ka bébà náà sókè bó ṣe rí:

“My grandfather ____ (live) in Aiyewa for sixty years. We ____ (bury) him in 1951. My grandmother ____ (live) there for sixty years too, and today she still drives the goats from her yams.”

Ó gbé káádì padà. Ó wo ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Délé, ta ni ẹ sin?”

“Sin kẹ̀?”

“Nínú ihò kejì. Ẹ kọ *buried*. Ta ni ẹ sin?”

“Bàbá àgbà náà ni. *In 1951*, Simple Past. Kí ló burú níbẹ̀?”

“Ẹ wá kọ *has lived* sí ihò kìíní, pé ó ṣì ń gbé Ayéwá dòní. Òkú tí ẹ sin ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn! Ṣé ó ń san owó orí ni?”

Lájídé gba bébà náà. Ó kà á tán fún ìgbà àkọ́kọ́. Bàbá ti kú, ilẹ̀kùn ọgọ́ta ọdún rẹ̀ ti tì: *lived*. Ìyá ṣì wà láyé, ó ń lé ewúrẹ́: *has lived*. *For* kan náà, ọgọ́ta ọdún kan náà. Andrew mọ̀ọ́mọ̀ tò wọ́n bẹ́ẹ̀ ni. Ohun kan wá dun Lájídé ju yínkì pupa lọ: ìbéèrè náà dára. Òun ì bá fẹ́ kó jẹ́ òun ló rò ó.

“Ẹ lè kó o lọ bẹ́ẹ̀,” ni Martha wí jẹ́jẹ́. “Pírínsípà ò ní mọ̀. Andrew ò sì ní já ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nírọ́ lójú ọ̀gá.”

Òótọ́ ni. Andrew á wo bébà, á mọ̀, á dákẹ́. Á máa kí i ní “Òkun o, ẹ̀gbọ́n” láràárọ̀, pẹ̀lú àánú lójú. Ìyẹn gan-an ni Lájídé kò lè gbà. Kí ọmọ yẹn ní kíláàsì, kó ní ẹ̀rín, kó tún wá fi àánú ta á lọ́rẹ!

“Àánú rẹ̀ kẹ̀? Kó gbé e jẹ!”

Ó tún gbogbo bébà mẹ́rìndínlógójì máàkì láìlo káádì, ó ń ka ìtàn náà látòkèdélẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kọ tutù, ó dì, ewúrẹ́ jẹ ẹ́.

Láàárọ̀, kó tó jókòó, ó sọ ọ́ lójú Pírínsípà àti Andrew: “Ọgbọ̀n ọmọ ni mo kọ́kọ́ fi yínkì pupa fà láìṣẹ̀, sà. Èmi ni mo ṣì í.”

Pírínsípà ti yẹ bébà kíláàsì Lájídé wò, èyí tí Andrew máàkì tó sì ti kó wá ṣáájú. Gbogbo wọn gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. “Mo pe mẹ́ta nínú wọn, mo ní kí wọ́n sọ ìdí,” ó ní. “Wọ́n kọrin fún mi.” Ó fi Andrew ṣe olórí Gẹ̀ẹ́sì.

Andrew fẹ́ sọ nǹkan. Lájídé gbọ́wọ́ sókè: “Má ṣàánú mi.”

Ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi jẹun dáadáa. Lẹ́yìn náà ó kọ bébà tirẹ̀, ìtàn tí kò ní ọ̀rọ̀ atọ́nà púpọ̀, ó le koko bí èkùrọ́, ó sì fi ránṣẹ́ sí Andrew pé kó dáhùn rẹ̀. Mẹ́sàn-án ni Andrew dáhùn. Ó fi ẹ̀kẹwàá sílẹ̀: “I ____ (not see) Adédùntán this morning.” Ó kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ̀gbọ́n, aago mélòó ni ẹni yìí ń sọ̀rọ̀? Bó bá jẹ́ àárọ̀, *have not seen*. Bó bá jẹ́ ọ̀sán, àárọ̀ ti tì, *did not see*.”

Lájídé kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú bí i. Ó mú kálàmù, ó fi kún ìtàn náà: “It is now three o'clock.” Bébà náà wá dára ju ti Andrew lọ, Martha pàápàá gbà bẹ́ẹ̀.

Nípa káádì, Martha ti fi ṣe òṣùwọ̀n ihò bọ́tìnnì.